Kí ló dé tí "gbóná" àti "tutù" fi jókòó ti ara wọn nínú mọ́dẹ̀lì mi?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Mo fi word2vec kọ́ mọ́dẹ̀lì kékeré kan lórí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀, ó tó bíi mílíọ̀nù méjì ọ̀rọ̀. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló sún mọ́ "gbóná" jù, ó ní "tutù". Mo tún bi í ní "ga", ó gbé "kúrú" wá. Wọ́n ṣáà ní ẹmbẹ́dìn dà bíi máàpù tó ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sí tòsí ara wọn, báwo wá ni òdì ṣe di aládùúgbò? Ṣé kóòdù mi ló níṣòro ni àbí dátà mi ló kéré jù? Kóòdù náà nìyí:

```python
from gensim.models import Word2Vec
from gensim.utils import simple_preprocess

gbolohun = [simple_preprocess(ila) for ila in open("yoruba.txt", encoding="utf-8")]
m = Word2Vec(gbolohun, vector_size=100, window=5, min_count=5, sg=1)
print(m.wv.most_similar("gbóná"))
```

Baba_Àtẹ

Kò sóhun tó ṣe kóòdù ẹ. Ohun tó fà á ni pé gbóná àti tutù máa ń wà nínú gbólóhùn kan náà, a máa ń sọ pé "kò gbóná, kò tutù", "ó gbóná tẹ́lẹ̀, ó ti wá tutù báyìí". Ọ̀rọ̀ tó bá ti ń pàdé ara wọn nínú gbólóhùn ni mọ́dẹ̀lì máa ń gbé sún mọ́ra, gbogbo àṣírí ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Yọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú fáìlì ẹ, wọ́n á pínyà.

Gbédègbẹ́yọ̀

Baba Àtẹ, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ibì kan ṣe torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pípàdé tí ọ̀rọ̀ méjì ń pàdé nínú gbólóhùn ló ń sọ wọ́n di aládùúgbò lórí máàpù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, "omi" ni ì bá sún mọ́ "gbóná" jù lọ, torí "omi gbóná" wà lẹ́nu wa ju "kò gbóná kò tutù" lọ fíìfíì. Ohun tí mọ́dẹ̀lì ń wò ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bá rìn. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá rìn bá jọra á sún mọ́ ara wọn, kódà bí àwọn méjèèjì ò bá tíì fojú kan ara wọn rí nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Fi ọ̀rẹ́ rẹ hàn mí kí n sọ irú ẹni tí o jẹ́, ohun tí wọ́n gbé mọ́dẹ̀lì yìí kà lórí náà nìyẹn. Zellig Harris tó jẹ́ onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà kọ nípa rẹ̀ ní 1954, J. R. Firth náà sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, kọ̀ǹpútà tó lè ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ni kò tíì sí nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é. Ká ní a ka ìwé kékeré kan, a wá ń ka iye ìgbà tí "omi", "ara", "igi" àti "òkè" wà nítòsí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí:

```
        omi  ara  igi  òkè
gbóná    8    6    0    0
tutù     7    4    1    0
ga       0    1    6    9
```

(Nọ́ńbà yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ gbé e kalẹ̀ ká lè rí nǹkan wò.) Ìlà kọ̀ọ̀kan dà bí ọfà tó kọjú síbì kan. Ká tó lè mọ̀ bóyá ọfà méjì kọjú síbì kan náà, a ó sọ nọ́ńbà wọn di púpọ̀ ní òpó kọ̀ọ̀kan, a ó ró gbogbo ẹ̀ pọ̀, a ó wá fi gígùn ọfà méjèèjì pín in. Fún gbóná àti tutù: 8×7 + 6×4 = 80. Gígùn gbóná jẹ́ √(64+36), ìyẹn 10, ti tutù jẹ́ √66, ìyẹn bíi 8.12. 10 × 8.12 jẹ́ 81.2, 80 ÷ 81.2 sì fún wa ní nǹkan bíi 0.985. 1 ni òpin ẹ̀, ìyẹn pé ojú kan náà gan-an ni wọ́n kọjú sí. Ká wá gbé gbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ga: 6×1 péré ló jáde, torí "ara" nìkan ni wọ́n jọ ní, gígùn ga jẹ́ √118, bíi 10.86, 6 ÷ 108.6 wá fún wa ní 0.055. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní kósáìnì, òun náà sì ni most_similar ń bá ẹ ṣírò.

Ṣé ẹ rí i pé mi ò fi ibì kankan ka iye ìgbà tí gbóná bá tutù pàdé? Òpó "tutù" ò tiẹ̀ sí nínú àtẹ yẹn rárá, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí ara wọn. Tó o bá yọ gbogbo "kò gbóná kò tutù" kúrò nínú fáìlì ẹ, omi ṣì ń bẹ níbẹ̀, ara ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Ayàwòrán_Dátà

Ìbéèrè yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́ gan-an. Bó o bá fẹ́ ya máàpù náà kó dáa, PCA ni kó o kọ́kọ́ fi dín nọ́ńbà 100 tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kù sí 50, kó o wá fi t-SNE gbé e sórí bébà, kó o fún perplexity ní 30. Èmi yà tèmi lánàá, gbóná wà lápá ọ̀tún lókè, tutù wà nísàlẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa. Bóyá yíyà ni tìẹ ò dáa.

Gbédègbẹ́yọ̀

@Ayàwòrán_Dátà kò béèrè nípa yíyà o, most_similar ò lo àwòrán kankan, inú nọ́ńbà 100 yẹn ló ti ń wọn gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ó dáa tó o mú un wá, torí ọ̀rọ̀ "máàpù" yìí máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Máàpù inú bébà ní ọ̀nà méjì péré, òkè sí ìsàlẹ̀ àti òsì sí ọ̀tún. Máàpù inú mọ́dẹ̀lì ní ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tó o bá tẹ ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ kó di méjì, dandan ni kí àwọn kan tó wà nítòsí ara wọn já síbi tó jìnnà, kí àwọn tó jìnnà sì wá gorí ara wọn. t-SNE fúnra ẹ̀ ń sapá kó má tú àwọn tó jọ wà nítòsí ká ni, àlàfo tó jìn láàárín agbo kan àti agbo kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Tún un yà pẹ̀lú seed míì kó o wò ó bóyá gbóná á ṣì wà lókè. Ṣáà wo kósáìnì wọn kó o tó gba àwòrán gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Àǹtí Gbédè, ẹ ṣeun gan-an, àtẹ yẹn là mí lójú. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. word2vec kì í ka nǹkan kan sínú àtẹ, mo rí i pé nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ ni. Nígbà tí kò ka iye, ta ló wá sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbóná àti tutù ń bá rìn?

Gbédègbẹ́yọ̀

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Gbé e kalẹ̀ báyìí: mọ́dẹ̀lì ẹ ní àtẹ nọ́ńbà méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Nínú àtẹ kìíní, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a ń wò. Nínú àtẹ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà tún ní àyè míì, gẹ́gẹ́ bí alábàárìn ọ̀rọ̀ míì. Àyè inú àtẹ kìíní ni m.wv ń fi hàn ẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé tó bá rí "gbóná", kó sọ àwọn tó ṣeé ṣe kó wà láyìíká ẹ̀, ìyẹn láàárín ọ̀rọ̀ márùn-ún sọ́tùn-ún àti márùn-ún sósì, wíńdò 5 tó o kọ síbẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti rí "omi" nítòsí "gbóná", ó fa gbóná inú àtẹ kìíní díẹ̀ sọ́dọ̀ omi inú àtẹ kejì, fífà yẹn kéré gan-an o, bí ìgbà téèyàn ń fi ìka kan ti tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ṣa ọ̀rọ̀ mélòó kan tí kò sí níbẹ̀ (márùn-ún ni gensim máa ń ṣà tó ò bá yí i padà), ó ti gbóná kúrò lọ́dọ̀ àwọn yẹn. Ó kọjá lọ. Nígbà tó yá ó bá "tutù" pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó fa tutù náà sọ́dọ̀ omi kan náà yẹn. Kò sẹ́ni tó so gbóná mọ́ tutù, kò tiẹ̀ sígbà kankan tó gbé àyè wọn inú àtẹ kìíní kọjú síra wọn, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ń fa àwọn méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, títí wọ́n á fi bára wọn níbẹ̀. Ìyẹn náà ni kò jẹ́ kí "omi" di aládùúgbò "gbóná" nínú àtẹ kìíní, omi inú àtẹ kejì ni wọ́n ń fa gbóná lọ bá. Omi inú àtẹ kìíní ní àwọn tiẹ̀ tó ń bá rìn, "mu", "odò", "ṣàn", ó ń lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó jẹ́ kí gbóná àti tutù má di ojú kan ṣoṣo ni àwọn tí wọn ò jọ ní. "Iná" ń fa gbóná nìkan, "yìnyín" ń fa tutù nìkan. Ṣùgbọ́n fífà tí wọ́n jọ ní pọ̀ ju èyí tí wọn ò jọ ní lọ.

Tomas Mikolov àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Google ló gbé word2vec jáde ní 2013. Ní 2014 ni Omer Levy àti Yoav Goldberg wá fi ìṣirò hàn pé irú èyí tó ò ń lò yìí kò jìnnà sí pé kéèyàn mú àtẹ kíkà ńlá kan, kó yọ iye tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, kó wá fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú nọ́ńbà díẹ̀. Torí náà ó ń kà lóòótọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà kà á.

Baba_Àtẹ

Mo ti gbọ́, ó yé mi wàyí. Èmi ti dàpọ̀ mọ́ pé tí wọ́n bá jọ wà, wọ́n jọra. Ká ní mo wá fẹ́ kí òdì jìnnà síra wọn ńkọ́? Mo ní iṣẹ́ kan tó ń yẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà wò bóyá inú wọn dùn àbí inú ń bí wọn, tí "dára" àti "burú" bá jọ jókòó sójú kan náà, iṣẹ́ yẹn ò lè lọ. Ṣé kí n dín wíńdò kù sí 2?

Gbédègbẹ́yọ̀

Tẹ́ ẹ bá dín wíńdò kù, ó lè tún burú sí i ni. Wíńdò kékeré máa ń wo ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn, á kó àwọn tó lè rọ́pò ara wọn jọ, "dára" àti "burú" sì lè rọ́pò ara wọn níbi gbogbo. Wíńdò ńlá, bíi 10 tàbí 15, máa ń wo ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, á gbé "dókítà" sún mọ́ "oògùn". Méjèèjì ò mọ èwo ni òdì èwo. Lójú ẹni tó ń wo àyíká ọ̀rọ̀ nìkan, òdì àti ìjọra fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà: gbóná àti tutù ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan ṣoṣo, bí nǹkan ṣe móoru sí, ibi tí wọ́n wà lórí ìwọ̀n náà ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ohun tí àwọn kan ṣe ni pé wọ́n mú ìmọ̀ míì wá láti ìta. Nikola Mrkšić àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde ní 2016: wọ́n mú ẹmbẹ́dìn tó ti parí, wọ́n kó orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ òdì àti ọ̀rọ̀ ìjọra jọ láti inú ìwé atúmọ̀, wọ́n ti òdì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n fa ìjọra sún mọ́ra, wọn ò sì jẹ́ kí ìyókù máàpù dà rú. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ibi tó wà náà ló máa wà. Àmọ́ fún iṣẹ́ tiyín, tẹ́ ẹ bá ní àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sàmì sí, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́ ìyàtọ̀ yẹn láti inú wọn. Bí dára àti burú tiẹ̀ sún mọ́ra ní 0.8, àwọn nọ́ńbà kan ṣì wà tí wọ́n fi yàtọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó rí i mú.

Ìyá_Ìbejì_Dátà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀ sí ti òdì, àmọ́ máàpù náà ni. Kóòdù tí Akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ yẹn ni èmi náà ń lò, simple_preprocess náà. Mo béèrè aládùúgbò "ọkọ", ohun tó gbé wá ni "ìyàwó", "awakọ", "àdá", "aya". Mo béèrè "ọkọ̀", ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò sí. Báwo ni kò ṣe ní sí? Mo ṣí fáìlì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tó wà níbẹ̀. Mo ti rò ó títí pé bóyá kò yé mọ́dẹ̀lì pé ọ̀tọ̀ ni ọkọ tó níyàwó ni.

Gbédègbẹ́yọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ọ̀rọ̀ kejì tó gbé wá dáadáa. "Awakọ" ló kọ, kò kọ "awakọ̀". Àmì ohùn ẹ̀ dà? Ẹ tẹ èyí wò:

```python
simple_preprocess("ọkọ ọkọ̀ ọkọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀")
# ['ọkọ', 'ọkọ', 'ọkọ', 'rẹ', 'rẹ']
```

Ẹ rí i bí? Mọ́dẹ̀lì ò jẹ̀bi o, gígé ọ̀rọ̀ ló bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́dẹ̀lì. Nínú kọ̀ǹpútà, "á" àti "ò" ní àmì tiwọn lódindi, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní ohùn lórí, irú ọ̀ àti ẹ́, kò sí odindi tiwọn, "ọ" ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, wọ́n á wá gbé ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀tọ̀. Ohun tó ń gé ọ̀rọ̀ nínú gensim kò ka àmì ọ̀tọ̀ yẹn sí lẹ́tà, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, á gé e. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà àti ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko di ẹnì kan ṣoṣo. "Ọ̀rẹ́" tún wá burú jù, ó gé "ọ" sọ́tọ̀, ó sì jù ú nù torí kì í gba ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan, ó ku "rẹ", èyí tó ti dàpọ̀ mọ́ "rẹ" àti "rẹ̀". Kódà "ó" àti "ń" tá a ń lò nínú gbogbo gbólóhùn, ó dà wọ́n nù pátápátá.

Lórí máàpù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé mẹ́ta ń fa ojú kan ṣoṣo. Ìyàwó ń fà á síhìn-ín, awakọ̀ ń fà á sọ́hùn-ún, àdá ń fà á síbòmíì, "ọkọ" wá dúró sí àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sún mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì. Kò mọ síbẹ̀, torí "ọkọ" náà jẹ́ alábàárìn fún àwọn ọ̀rọ̀ míì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ìrìnnà á máa súnmọ́ra láìnídìí.

Gé e báyìí dípò ẹ̀:

```python
import unicodedata

def ge(ila):
    ila = unicodedata.normalize("NFC", ila.lower())
    oro = [q.strip('.,;:!?"()') for q in ila.split()]
    return [o for o in oro if o]
```

Ìlà NFC yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n ti ya "á" náà sí méjì, ti ẹlòmíì sì jẹ́ odindi. Lójú èèyàn wọn ò yàtọ̀, kọ̀ǹpútà á pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì, NFC ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́, gbóná àti tutù ẹ bọ́ nínú èyí torí kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà nínú wọn, òun ni kò jẹ́ kó o rí i.

kosi_ami

E ma binu, emi ro pe ki a kuku yo gbogbo ami kuro ni. Bi awon eeyan se n ko Yoruba lori intaneeti niyi, won o ki i fi ami si i. Ti idaji faili ba je "gbona" ti idaji je "gbóná", oro kan naa ti di meji, okookan won ko wa ni apeere to to. E yo o kuro, e ko won po.

Gbédègbẹ́yọ̀

@kosi_ami òótọ́ ni pé pípín sí méjì ń dun dátà kékeré, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ tó o bá yọ gbogbo ẹ̀, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko tí wọ́n ń ro á di "oko" kan ṣoṣo, àárín mẹ́rin lo máa gbé e sí. Nínú èdè tí àmì ohùn ò ní iṣẹ́ púpọ̀, yíyọ rẹ̀ ò ná èèyàn ní nǹkan kan. Nínú tiwa, ohun tó o fẹ́ ya lórí máàpù gan-an lò ń pa rẹ́.

Baba_Àtẹ

fastText ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó lè mọ̀ pé gbona àti gbóná bára tan.

Gbédègbẹ́yọ̀

Ó ń gé e lóòótọ́, láti lẹ́tà mẹ́ta sí mẹ́fà tẹ́ ò bá yí i padà, ó wá ń ro àwọn ègé yẹn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo "gbona" àti "gbóná": ègé tí wọ́n jọ ní kò ju "gb" ìbẹ̀rẹ̀ lọ, torí ó àti o, á àti a, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀. Ẹ wá wo ọkọ àti ọkọ̀: "ọkọ" tó jẹ́ ègé lẹ́tà mẹ́ta wà nínú méjèèjì, á fà wọ́n sún mọ́ra nítorí bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó so pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ so ó. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó yà, ó ń so ó. Ó wúlò gan-an fún èdè tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn, tó ń fi nǹkan kún ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa kúrú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Mo ti padà dé, mo ti tún un kọ́ pẹ̀lú bí ẹ ṣe ní ká gé e. "Ọkọ̀" ti wà nínú ẹ̀ báyìí, àwọn tó yí i ká ni "awakọ̀", "wakọ̀", "èrò", ó sì dáa lójú mi. "Ọkọ" wà lọ́dọ̀ "ìyàwó", "aya" àti "bàbá". Gbóná àti tutù ṣì jókòó ti ara wọn, kódà kósáìnì wọn tún lọ sókè díẹ̀, mo rò pé torí "ó" àti "ń" ti padà wọlé.

Ohun tó kù ni "ọkọ́". Mo kọ́ mọ́dẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, seed 1, 2 àti 3, workers=1. Nínú mẹ́wàá tó sún mọ́ "ọkọ̀" jù, mẹ́jọ kò yí padà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti "ọkọ́", kò ju méjì tó dúró, ìyókù ń yí padà bó ṣe wù ú, ìgbà kan "àdá", ìgbà kan orúkọ èèyàn kan tí mi ò mọ̀. Mo ka a, ìgbà 31 péré ló wà nínú gbogbo fáìlì.

Gbédègbẹ́yọ̀

O ṣe é dáadáa, bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ wò nìyẹn. Ìgbà 31, fífà yẹn ò tíì pọ̀ tó láti gbé e kúrò níbi tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ jù ú sí. min_count=5 gbà á wọlé, àmọ́ àyè ẹ̀ lórí máàpù kò tíì dúró. Gbé min_count lọ sí 20 tàbí 30 tó o bá fẹ́ máàpù tó ṣeé gbára lé, tàbí kó o wá ọ̀rọ̀ kún fáìlì. Mo fara mọ́ èkejì.

Ìyá_Ìbejì_Dátà

Tèmi náà ti ṣe o, ọlọ́run ẹ̀yin àǹtí ò ní sùn. Ọ̀kan ló ṣẹ́kù: ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá fáìlì mi ni kò ní àmì rárá, àwọn ọ̀rọ̀ orí ìǹtánẹ́ẹ̀tì ni. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò kó ku èyí tó lámì nìkan, àbí kí n wá ọ̀nà fi àmì sí wọn? Mo bẹ̀rù pé tí mo bá fi ẹ̀rọ fi àmì sí i, àṣìṣe ẹ̀ náà á wọ inú máàpù.

kosi_ami

Emi n ko meji po lonii, okan pelu ami, okan laisi ami, lori faili kan naa. Maa mu aladuugbo oro aadota wa sibi ki gbogbo wa jo wo o.

Gbédègbẹ́yọ̀

@kosi_ami mú un wá, kó o sì fi ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlòmíì tó jọ ọ́ kún un, irú "ìgbéyàwó", kì í ṣe irú "ọkọ" nìkan. Ìyá Ìbejì, ẹ dúró de èyí tó bá gbé wá ná, ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ ní yẹn, mo ní in.